Fillet1 tó wà lábẹ́ Shell1: bí mo ṣe ń ka igi ìgbésẹ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá fi fáìlì SolidWorks, sọ́fítíwià tí a fi ń ya iṣẹ́ ẹ̀rọ lórí kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe àwòrán tó wà láàárín ojú kọ̀ǹpútà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Apá òsì lojú mi máa ń lọ, níbi tí igi ìgbésẹ̀ wà, èyí tí wọ́n kọ FeatureManager Design Tree sí lórí. Àwòrán lè dára lójú, kó má sí àbùkù kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ yí nọ́ńbà kan ṣoṣo níbẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ dàrú. Igi yẹn ló máa ń jẹ́ kí n mọ̀ bóyá fáìlì náà á gba àtúnṣe, tàbí ó kàn dára fún wíwò lásán ni.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ka igi yìí bíi pé àkójọ ohun tó wà lára iṣẹ́ náà ni: àpótí rèé, ihò rèé, igun róbótó rèé. Àṣẹ ni gbogbo wọn, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí nǹkan kan padà, sọ́fítíwià náà á tún iṣẹ́ náà kọ́ láti ibi tí àyípadà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìgbésẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò mọ ohunkóhun ju ìrísí tí àwọn tó wà lókè rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un lọ. Kò mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó yà á. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìgbà tí Pro/ENGINEER ti gbé irú ọ̀nà yìí jáde ní ìparí àwọn ọdún 1980 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí nínú Fusion, Onshape àti FreeCAD lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fusion tẹ́ tirẹ̀ sísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà láti òsì sí ọ̀tún.

Iṣẹ́ kan tí ọmọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gbé wá sọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, torí pé gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ló wà nínú rẹ̀. Àpótí kékeré kan ni, irú èyí tí wọ́n máa ń kó pátákó iná sínú rẹ̀. Gígùn rẹ̀ 100 mm, fífẹ̀ rẹ̀ 60 mm, gíga rẹ̀ 30 mm. Wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n ṣí orí rẹ̀ sílẹ̀, ògiri rẹ̀ sì nípọn 2 mm yíká. Òpó kékeré mẹ́rin wà nínú rẹ̀ fún síkúrúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan nítòsí igun kọ̀ọ̀kan. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà níta jẹ́ róbótó, rédíọ́ọ̀sì wọn jẹ́ 5 mm.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fáìlì yìí. Wọ́n ní kí n mú igun rẹ̀ láti 5 lọ sí 8. Nọ́ńbà yẹn nìkan ni mo yí, àmì pupa ló yọ nísàlẹ̀ igi.”

Mo ní, “Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ka igi yẹn fún mi láti òkè.”

Ohun tó kà nìyí:

```
Sketch1
Boss-Extrude1
Shell1
Sketch2
Boss-Extrude2
Fillet1
```

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. `Sketch1` àti `Sketch2` ni àwòrán ìlà tí ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti dìde. `Boss-Extrude1` ni àpótí náà nígbà tó ṣì dí gbagidi. `Shell1` gbẹ́ inú rẹ̀. `Boss-Extrude2` gbé òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni `Fillet1` tó dé láti sọ igun di róbótó. Ìyẹn ni pé nígbà tí `Shell1` ń gbẹ́ inú àpótí, igun ìta ṣì mú ṣóńṣó, torí náà igun inú náà mú ṣóńṣó. Nígbà tí wọ́n wá gé igun ìta kù, kò sẹ́ni tó sọ fún igun inú pé kó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Tí a bá ka igun ìta àtijọ́ sí òdo, igun inú wà ní 2 mm sí ọ̀tún àti 2 mm sókè. Tí rédíọ́ọ̀sì bá jẹ́ 5, àárín róbótó náà wà ní 5 àti 5. Láti àárín yẹn dé igun inú jẹ́ 3 lọ́nà √2, ìyẹn 4.24 mm. Etí ìta sì wà ní 5 mm sí àárín kan náà. Ohun tó kù láàárín wọn ni 0.76 mm. Gbogbo ògiri nípọn 2 mm, ṣùgbọ́n níbi igun tó yẹ kó lágbára jù lọ, kò tó 1 mm. Kò sí pupa, kò sí ìkìlọ̀, fáìlì náà mọ́ tónítóní. Àbùkù ti wà nínú rẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa 8.

Bí rédíọ́ọ̀sì ṣe ń pọ̀ sí i ni igun yẹn ń tín-ín-rín sí i. Ní 6, ohun tó kù jẹ́ 0.34 mm. Tó bá ti kọjá 6.83 díẹ̀, ó tán. Ní 8, igun inú ti yọ síta kọjá etí róbótó náà pẹ̀lú bí ìdajì mìlímítà. Irú èyí, sọ́fítíwià lè kọ̀ jálẹ̀ kó fi pupa sí i, ó sì lè gbà á kó fi ojú kan sílẹ̀ gbọọrọ ní igun kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ á máa gbà wọlé. Tirẹ̀ kọ̀. Mo sì fẹ́ràn kó kọ̀ ju kó gbà lọ.

Tí `Fillet1` bá ṣáájú `Shell1` ńkọ́? Igun ìta ti di róbótó kí wọ́n tó gbẹ́ inú. Gbígbẹ́ náà á wá tẹ̀ lé ojú ìta ní 2 mm níbi gbogbo, á sì fún igun inú ní rédíọ́ọ̀sì tirẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni yà á: 3 mm tí ìta bá jẹ́ 5, 6 mm tí ìta bá jẹ́ 8. Ògiri á nípọn bákan náà yíká. Nọ́ńbà kan náà ni, ìgbésẹ̀ kan náà ni, ipò wọn nìkan ló yí.

Ibí ni mo ti yapa sí ìmọ̀ràn kan tí wọ́n máa ń fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, pé kí wọ́n fi fílẹ́ẹ̀tì sí ìsàlẹ̀ igi pátápátá. Ìmọ̀ràn náà ní ìdí. Fílẹ́ẹ̀tì máa ń jẹ etí run, ohunkóhun tó bá sì di etí yẹn mú á já bọ́. Tó bá wà nísàlẹ̀, kò sí ẹni tó lè gbára lé e. Mo fara mọ́ ọn fún àwọn kéékèèké, irú 0.5 mm tàbí 1 mm tó kàn wà kí etí má baà gé èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fílẹ́ẹ̀tì tó ń pinnu bí ògiri ṣe máa rí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ara ìrísí àpótí fúnra rẹ̀ ni, òkè `Shell1` sì ni ibùgbé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n máa fi mọ́ọ̀dù ṣe ni, tí ògiri gbọ́dọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kó lè yọ jáde nínú mọ́ọ̀dù náà, fífì yẹn gan-an gbọ́dọ̀ ṣáájú fílẹ́ẹ̀tì ńlá, kí gbígbẹ́ inú tó wá tẹ̀ lé àwọn méjèèjì.

Mo ní kó gbá `Fillet1` mú pẹ̀lú máòsì, kó fà á gòkè kọjá `Shell1`. Kò gbà. Igi náà fi àmì hàn pé kò lè lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bínú níbí yìí, wọ́n á pa ìgbésẹ̀ náà rẹ́, wọ́n á tún un ṣe. Àmọ́ kíkọ̀ yẹn ń sọ nǹkan fún wa. Ọmọ kì í ṣáájú òbí rẹ̀ wá sáyé: tí ìgbésẹ̀ kan bá kọ̀ láti gòkè, nǹkan kan wà láàárín tó ń gbára lé. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì lórí rẹ̀, kí ẹ mú `Parent/Child`. Àpótí kékeré kan á ṣí, á fi àwọn òbí rẹ̀ hàn ní apá kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ní apá kejì.

A rí `Boss-Extrude1` láàárín àwọn òbí, èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀. A tún rí `Boss-Extrude2`. Kí ló pa igun ìta pọ̀ mọ́ òpó inú? A ṣí `Fillet1`, a wo àwọn etí tí wọ́n yàn nínú rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ni igun ìta. Mẹ́rin tó kù ni ìdí òpó níbi tó ti kan ilẹ̀ àpótí. Ẹni tó ṣe é kọ́kọ́ fẹ́ kí gbogbo wọn jẹ́ 5, nígbà tó rí i pé òpó ò gba 5, ó fún wọn ní 1 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìgbésẹ̀ kan náà. Ìyẹn mú kí igi kúrú ní ìlà kan, ó sì so iṣẹ́ méjì tí kò bára tan pọ̀. Igun ìta kò lè kúrò lábẹ́ òpó mọ́.

Èmi kì í kó etí sínú fílẹ́ẹ̀tì kan torí pé nọ́ńbà wọn jọra tàbí torí kí igi má baà gùn. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, tí wọ́n bá ní kí n yí ọ̀kan padà lọ́la, ṣé èkejì á bá a lọ? Tí kò bá ní bá a lọ, kí wọ́n pínyà.

A yọ etí ìdí òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú `Fillet1`, a dá rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ padà sí 5 ná, a gbà á. A ṣe `Fillet2` fún ìdí òpó nìkan, ní 1 mm, nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn ìyẹn a tún gbá `Fillet1` mú. Lọ́tẹ̀ yìí ó gòkè wọ́ọ́rọ́, ó bọ́ sáàárín `Boss-Extrude1` àti `Shell1`.

```
Sketch1
Boss-Extrude1
Fillet1
Shell1
Sketch2
Boss-Extrude2
Fillet2
```

Bó ṣe débẹ̀ ni àmì òfeefee onígun mẹ́ta yọ lára `Sketch2`. Ó yẹ kí ẹ mọ ìyàtọ̀ àmì méjèèjì dáadáa. Pupa túmọ̀ sí pé ìgbésẹ̀ náà kò ṣeé kọ́ rárá, kò sí nínú ìrísí tí ẹ ń wò. Òfeefee túmọ̀ sí pé wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n nǹkan tó so mọ́ ti sọnù. Èyí èkejì ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí pé iṣẹ́ náà á dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ojú ò sì ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ohun tó sọnù ni èyí: ẹni tó ya `Sketch2` wọn àárín òpó kọ̀ọ̀kan láti ojú igun inú àpótí, 5 mm sí ẹ̀gbẹ́ kan, 5 mm sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nígbà tí igun inú ṣì mú ṣóńṣó, ojú igun yẹn wà níbẹ̀ láti dì mú. Ní báyìí igun inú ti di róbótó, ojú igun náà ò sí mọ́. Ìwọ̀n tó so mọ́ ọn wá ń rọ̀ lófìfo, àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà. Àwọn òpó dúró síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Tí ọmọkùnrin yẹn bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó fi fáìlì ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí àpótí gùn dé 120 mm ni ògiri á lọ, tí òpó á dúró.

A lè so ìwọ̀n yẹn mọ́ etí inú tó ṣẹ́kù, èyí tó gùn tààrà láàárín igun méjì. Á ṣiṣẹ́, àmọ́ etí tí `Shell1` ṣe ni, ìgbésẹ̀ tó bá wá gé e lọ́la á tún já a. A lè so ó mọ́ `Front Plane` àti `Right Plane`, tí wọn kì í sọnù láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn ìyẹn dúró gbọin sí àárín, wọn kì í bá gígùn àpótí rìn, àyàfi tí ẹ bá tún kọ ìṣirò tó so nọ́ńbà méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ìlà `Sketch1` fúnra rẹ̀. Ìlà mẹ́rin yẹn ló ya àpótí náà. Fílẹ́ẹ̀tì lè jẹ etí tó ti ara wọn jáde, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ìlà tó wà nínú `Sketch1`. Òkè pátápátá ni wọ́n wà, tí gígùn bá sì yí padà, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yí.

A jẹ́ kí `Sketch1` hàn, a ṣí `Sketch2`, a pa àwọn ìwọ̀n tó ń rọ̀ rẹ́, a wọn àárín òpó kọ̀ọ̀kan ní 7 mm sí ìlà méjì tó sún mọ́ ọn jù. 7 náà ni 5 àtijọ́ pẹ̀lú 2 mm ògiri. Òfeefee lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé igi tí mo ń kọ yìí kì í ṣe bí ẹ ṣe máa rí i lójú kọ̀ǹpútà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí fáìlì. SolidWorks máa ń fi `Sketch2` pamọ́ sábẹ́ `Boss-Extrude2`, bíi pé ó wà nínú rẹ̀. Nígbà kíkọ́, `Sketch2` ló ṣáájú. Tí ẹ bá ń wá ìdí tí ìgbésẹ̀ kan fi kọ̀ láti gòkè, inú `Sketch` tó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìdí rẹ̀ máa ń wà jù. Ctrl+T ló máa ń tẹ́ igi náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ń kọ́ ọ, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ kí n tó fa ohunkóhun.

Ìgbà yìí la tó wá yí 5 sí 8. Ó gbà. Mo ní kó tẹ Ctrl+Q, torí pé Ctrl+B máa ń tún kìkì ohun tó rò pé ó yí padà kọ́, Ctrl+Q sì máa ń tún gbogbo igi kọ́ láti orí dé ìdí. Lẹ́yìn náà a gé àpótí náà sí méjì lójú àwòrán, a wọn ògiri níbi igun: 2 mm. Láti ara òpó dé ògiri róbótó náà ṣì ní àyè bíi 1.6 mm.

N kì í fi ẹyọ nọ́ńbà tí wọ́n béèrè nìkan dán igi wò. Mo máa ń tì í dé ibi tó máa já, kí n lè mọ ààlà rẹ̀. A mú gígùn lọ sí 120, òpó tẹ̀ lé e, a dá a padà. A mú igun lọ sí 10, ó ṣì dára, àyè òpó ti kù sí 0.76 mm. A mú un lọ sí 12: kò sí pupa, kò sí òfeefee, ṣùgbọ́n òpó ti fara kan ògiri, ó wọ inú rẹ̀ díẹ̀, sọ́fítíwià sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ láìsọ nǹkan kan. Ní ti òdìkejì, tí igun kò bá ju 2 mm tí í ṣe nínípọn ògiri lọ, igun inú ò ní ibi tó máa gbà róbótó mọ́. Ó lè mú ṣóńṣó, ó sì lè jẹ́ `Shell1` ló máa ṣubú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé `Fillet1` lẹ fọwọ́ kàn. Nítorí náà àpótí yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ohun tó fi díẹ̀ ju 2 lọ sí bí 11, mo sì kọ ìyẹn sínú fáìlì náà.

Ìyẹn ló mú mi débi ọ̀rọ̀ pupa tó máa ń gba gbogbo ìsàlẹ̀ igi nígbà míì. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Èyí tó ga jù lọ nínú wọn ni kí ẹ lọ bá, ìyókù máa ń jẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ebi òbí ń pa. Ọ̀pá kan wà ní ìsàlẹ̀ igi tí ẹ lè fà gòkè. Ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ á di bíi pé wọn kò tíì ṣe é. Ẹ fà á dé ìsàlẹ̀ èyí àkọ́kọ́ tó pupa, kí ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ẹ wá máa sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí igi tí pupa ogún wà lára rẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo péré ló nílò ìtọ́jú.

Nínú FreeCAD, ọ̀rọ̀ yìí tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé orúkọ tó fi ń mọ etí jẹ́ nọ́ńbà, irú bíi `Edge6`. Tí ìgbésẹ̀ tó wà lókè bá fi etí kún un, ó lè tún nọ́ńbà gbogbo wọn tò, kí fílẹ́ẹ̀tì fò kúrò lára etí kan bọ́ sára òmíràn. Ẹ̀dà 1.0 tó jáde lóṣù kọkànlá ọdún 2024 dín ìṣòro yìí kù gan-an, kò pa á rẹ́ tán. Síso ìwọ̀n mọ́ ìlà òkè dípò etí ìsàlẹ̀ ṣì ni ààbò tó dájú níbẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo sọ yìí dúró lórí pé igi wà. Tí wọ́n bá fi fáìlì STEP ránṣẹ́ sí yín, ìrísí nìkan lẹ máa rí gbà, ìlà kan ṣoṣo, irú bíi `Imported1`, ni igi yín. Kò sí `Fillet1` láti fà lọ síbì kankan. Ẹ lè pa ojú róbótó rẹ́ pẹ̀lú `Delete Face`, kí ẹ ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n igun inú àti igun ìta á di iṣẹ́ méjì tí ẹ máa fọwọ́ ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fún àpótí tó kéré tó báyìí, mo máa ń tún un yà láti `Sketch1`. Kì í pẹ́ tó wákàtí kan, ẹni tó bá sì gbà á lẹ́yìn mi á lè yí igun rẹ̀ láìpè mí.